Orí Kẹrin: Ta Ló Rí Iye Kòkó Tí Mo Kọ Láàárọ̀?

Ní àsìkò kòkó, kí oòrùn tó yọ lẹ́yìn àpáta ní Ìdànrè, ìbéèrè kan ló máa ń wà lẹ́nu àgbẹ̀: èló ni wọ́n ń ra kílò lónìí? Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ á rìn dé ìsọ̀ olùra, tàbí kó dúró de ẹni tó ti ọ̀nà Àkúrẹ́ bọ̀. Ní báyìí, fóònù ni ọ̀pọ̀ ń kọ́kọ́ wò. Olùra á ti kọ iye ọjọ́ náà sí sítátọ́ọ̀sì WhatsApp rẹ̀, àgbẹ̀ á kà á lórí ibùsùn, á sì mọ̀ bóyá kí òun di kòkó sí àpò, tàbí kí òun jẹ́ kó rí oòrùn ọjọ́ kan sí i.

Ẹ jẹ́ ká fi irú olùra bẹ́ẹ̀ kan ṣe àpẹẹrẹ nínú orí yìí, ẹni tó ní ìsọ̀ kékeré àti òṣùwọ̀n ní Aládé. Ká sọ pé nọ́ńbà bí 300 ló wà lórí fóònù rẹ̀. Àgbẹ̀ ló pọ̀ jù nínú wọn. Ẹbí wà níbẹ̀, ará ìjọ wà níbẹ̀, ẹni tó ń gba kòkó lọ́wọ́ rẹ̀ ní Àkúrẹ́ wà níbẹ̀, àwọn olùra mẹ́rin tí wọ́n jọ ń du kòkó kan náà sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ohun tó ń wá kò ju méjì lọ: kí àgbẹ̀ rí iye tó kọ, kí àwọn mẹ́rin yẹn má rí i. Bó bá sì di alẹ́, ó fẹ́ wo orúkọ àwọn tó kà á, kó lè mọ ẹni tó yẹ kó pè lọ́la.

Iye àná tó dúró di òní

WhatsApp gbé sítátọ́ọ̀sì yìí jáde ní oṣù kejì ọdún 2017. Ṣáájú ìgbà náà, gbólóhùn kúkúrú tó máa ń wà lábẹ́ orúkọ èèyàn ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Òun ló wá di "About" báyìí. Ti ìsinsìnyí, àwòrán, fídíò, ohùn tàbí ọ̀rọ̀ lásán lèèyàn lè gbé sí i, yóò sì pòórá fúnra rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí 24. Lórí fóònù, ẹ tẹ "Updates" ní ìsàlẹ̀. Ẹ óò rí àmì gègé fún ẹni tó fẹ́ kọ ọ̀rọ̀, àti àmì kámẹ́rà fún ẹni tó fẹ́ gbé àwòrán. Kò sí ìṣòro níbẹ̀.

Wákàtí 24 yẹn gan-an ló ń dá ìjà sílẹ̀. Ká ní bọ̀ọ̀dá wa ní Aládé kọ iye kòkó ní aago 8 àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ní ọ̀sán, ẹni tó ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní Àkúrẹ́ pè é pé iye ti já, ₦150 ti kúrò lórí kílò kọ̀ọ̀kan. Ó gbọ́, ó sì dáwọ́ ríra ní iye ti àárọ̀ dúró, ṣùgbọ́n kò pa ohun tó kọ rẹ́. Ní aago 7 àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bàbá àgbẹ̀ kan ní Àtọ́sìn ṣí fóònù rẹ̀, ó rí iye náà, ó gbé àpò méjì sórí ọ̀kadà, ó di Aládé.

"Ìwọ ọmọ yìí, èyí tí o kọ kọ́ nìyí."

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ti àná lẹ rí yẹn."

"Ti àná kẹ̀? Àárọ̀ yìí ni mo kà á!"

Òótọ́ ni bàbá ń sọ. Wákàtí 23 péré ni ọ̀rọ̀ náà tíì lò lójú fóònù, ó ku ọ̀kan. Bí àpò kọ̀ọ̀kan bá gbé kílò 64, kílò 128 ni méjèèjì, ₦150 lórí kílò kọ̀ọ̀kan sì di ₦19,200. Bí bọ̀ọ̀dá bá san án, òun ló pàdánù. Bí kò bá san án, bàbá ò ní gbé kòkó wá bá a mọ́, yóò sì ro ẹjọ́ náà fún gbogbo ẹni tó bá bá pàdé lọ́nà oko.

Lóòótọ́ o, WhatsApp máa ń kọ àkókò tí wọ́n gbé nǹkan jáde sókè lábẹ́ orúkọ, ṣùgbọ́n lẹ́tà rẹ̀ kéré, ta ló ń wo ibẹ̀? Ẹ kọ ọjọ́ àti aago sínú ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀, kí ojú kọ́kọ́ bà á: "Kòkó gbígbẹ, Aládé. Ọjọ́ Ajé, aago 8 àárọ̀. Iye yìí wà títí di aago 2 ọ̀sán. Ẹ pè kí ẹ tó gbé e wá." Lẹ́yìn náà ni kí iye tẹ̀ lé e. Bí iye bá sì yí padà, ẹ má kàn kọ tuntun lé ti àtijọ́ lórí, nítorí méjèèjì ni yóò máa hàn tẹ̀léra wọn, ti àtijọ́ ni ẹni tó ṣí i yóò sì kọ́kọ́ bá pàdé. Ẹ wọ "My status", ẹ tẹ àmì tótóótó mẹ́ta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ti gbó, ẹ yan "Delete", kí ẹ tó gbé tuntun jáde.

Ẹni tó ní nọ́ńbà yín àti ẹni tí ẹ ní nọ́ńbà rẹ̀

Ọ̀pọ̀ olùra máa ń ṣàròyé pé nọ́ńbà 300 wà lọ́wọ́ àwọn, síbẹ̀ èèyàn 50 péré ló ń wo sítátọ́ọ̀sì àwọn. Wọ́n á ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Nígbà míràn, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni lóòótọ́, pàápàá fún ẹni tí oko rẹ̀ fara pamọ́ sábẹ́ àpáta. Àmọ́ ohun tó wọ́pọ̀ jù ni pé àgbẹ̀ kò tọ́jú nọ́ńbà olùra sórí fóònù tirẹ̀.

Bí WhatsApp ṣe ṣètò rẹ̀ nìyí: kí àgbẹ̀ tó lè rí sítátọ́ọ̀sì yín, ẹ gbọ́dọ̀ ti tọ́jú nọ́ńbà rẹ̀, òun náà sì gbọ́dọ̀ ti tọ́jú tiyín. Ẹsẹ̀ kan kò tó láti fi gbéra. Bí ẹ bá tọ́jú tirẹ̀ tí òun kò tọ́jú tiyín, ẹ lè jọ máa tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ síra yín, ẹ lè máa pe ara yín, kò sì ní rí iye kòkó yín títí àsìkò yóò fi parí. Kò sí ohun tí yóò fi hàn yín pé kò rí i. Orúkọ rẹ̀ kàn ò ní sí níbẹ̀ ni.

Ohun tí bọ̀ọ̀dá wa lè ṣe ni pé bí ó bá ti wọn kòkó tán, tó ń ka owó lọ́wọ́, kó sọ pé, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n bá yín fi nọ́ńbà mi sórí fóònù yín." Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Kó kọ orúkọ tí bàbá yóò dá mọ̀, irú bíi "Oníkòkó Aládé", nítorí orúkọ tí a bá kọ sórí fóònù bàbá ni bàbá yóò máa rí lójú sítátọ́ọ̀sì. Kó sì rí i dájú pé nọ́ńbà tí bàbá ń lò fún WhatsApp lòun náà tọ́jú, nítorí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ló ní síìmù méjì, ọ̀kan ṣoṣo níbẹ̀ ló sì wà lórí WhatsApp.

Àwọn tí ẹ fẹ́ kó rí i

Ẹ ṣí "Settings", ẹ wọ "Privacy", ẹ tẹ "Status". Ọ̀nà mẹ́ta lẹ óò bá níbẹ̀. "My contacts" ni gbogbo ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín. "My contacts except..." ni gbogbo wọn, àfi àwọn tí ẹ bá yọ kúrò. "Only share with..." ni kìkì àwọn tí ẹ bá mú.

Ẹni tó bá yára wò ó á ní ọ̀nà kejì àti ìkẹta kò yàtọ̀, pé yálà o yọ mẹ́rin kúrò nínú 300 tàbí o mú 296, ibì kan náà lo dé. Bẹ́ẹ̀ ló rí lónìí. Lọ́la ni yóò yàtọ̀. Nínú àsìkò kòkó, nọ́ńbà tuntun ń wọlé lójoojúmọ́. Bí ẹ bá lo "My contacts except...", gbogbo nọ́ńbà tuntun tí ẹ bá tọ́jú ti bọ́ sínú àwọn tó ń rí i láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ kan nǹkan kan. Bó bá jẹ́ "Only share with...", nọ́ńbà tuntun wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn títí ẹ óò fi padà lọ fà á wọlé. Ọ̀nà kejì ń ṣí sílẹ̀ fún àlejò, ìkẹta ń tì í mọ́ta.

Nítorí náà, kí ẹ tó yan, ẹ bi ara yín pé àṣìṣe wo ló máa dùn yín jù. Fún iye kòkó, èmi yóò yan "My contacts except...", kí n yọ àwọn olùra mẹ́rin yẹn kúrò. Bí àgbẹ̀ tuntun kan kò bá rí iye mi, àpò kòkó ni mo pàdánù. Bí olùra karùn-ún bá fi àṣìṣe rí i, ọ̀rọ̀ tí yóò gbọ́ lọ́nà kan tàbí òmíràn kó tó di ọ̀sán náà ni. Ṣùgbọ́n fún àwòrán ọmọ tuntun, ìpàdé ẹbí, tàbí ohun tó ní í ṣe pẹ̀lú owó inú ilé, "Only share with..." ni. Níbẹ̀, ẹni kan ṣoṣo tí kò yẹ kó rí i tó láti ba nǹkan jẹ́.

Ẹni tí ẹ yọ kò ní gbọ́ pé ẹ yọ òun. Kò sì ní rí àlàfo kankan.

Ibi tí bọ̀ọ̀dá wa ti kọsẹ̀ la dé yìí, kò sì jẹ́ kó sùn dáadáa lóru kan. Láti ọdún 2023, èèyàn lè yí àwọn tí yóò rí nǹkan padà lójú ibi tó ti ń gbé e jáde, láìwọ "Settings" rárá. Ní ìsàlẹ̀ lápá òsì, ẹ óò rí àmì kékeré tó ní "Status (Contacts)" nínú, tàbí tó sọ iye ẹni tí ẹ yọ tàbí tí ẹ mú. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ lè yàtọ̀ díẹ̀ láti fóònù kan sí èkejì. Ó rọrùn, ó sì dára. Àmọ́ ohun tí ẹ bá yan kẹ́yìn níbẹ̀ ni WhatsApp yóò máa lò lọ fún gbogbo èyí tó bá tẹ̀ lé e, títí ẹ óò fi yí i padà.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ìyàwó àbúrò rẹ̀ bímọ. Ó gbé àwòrán ọmọ jáde, ó lo "Only share with...", ó mú ẹbí mẹ́fà. Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà rí i, wọ́n ṣàdúrà, inú gbogbo wọn dùn. Ní aago 7 àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó kọ iye kòkó bó ṣe máa ń kọ ọ́, ó tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́, ó lọ ṣí ìsọ̀. Nígbà tó di aago 9, èèyàn mẹ́rin péré ló wò ó. Àgbẹ̀ kankan kò pè. Ó rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ. Ó pa fóònù, ó tún tàn án. Ó tún rò pé olùra kan ti fi iye ńlá kó gbogbo èèyàn òun lọ. Aago 10 kọjá kó tó fara balẹ̀ ka orúkọ àwọn mẹ́rin náà: àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ìyá ìyàwó, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní Òǹdó, àti àbúrò bàbá rẹ̀. Ẹbí ló ń ṣí iye kòkó fún láti àárọ̀.

Ó sáré lọ sí "Privacy", ó dá a padà sí "My contacts except...", ó jókòó. Kò sí ohun tó yí padà. Ìdí ni pé ìyípadà tí ẹ bá ṣe kò kan èyí tó ti jáde tẹ́lẹ̀. Ti àwọn tó ń bọ̀ ló wà fún. Èyí tó ti jáde kò ní kúrò lọ́wọ́ àwọn mẹ́fà tí ó mú. Ohun tó yẹ kó ṣe ni kó pa á rẹ́, kó yí ètò padà, kó wá tún un gbé jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ni lódìkejì: bí ẹ bá gbé nǹkan jáde tí ẹ sì rántí pé ẹni kan kò yẹ kó rí i, yíyọ orúkọ rẹ̀ lẹ́yìn náà kò wúlò. Ẹ pa ohun náà rẹ́ kíá ni.

Àmì tó ń fi èyí hàn ni iye èèyàn. Bí ẹni 40 bá máa ń wo tiyín kó tó di aago 9, tí ó wá di mẹ́rin lójijì, ẹ má bá nẹ́tíwọ́ọ̀kì jà. Ẹ ka orúkọ àwọn tó wò ó. Orúkọ wọn yóò sọ fún yín ẹgbẹ́ tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀.

Ìdí tí orúkọ ẹni yẹn fi wà lókè

Bí ẹ bá ṣí sítátọ́ọ̀sì tiyín, àmì ojú àti iye ẹni tó wò ó wà nísàlẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́, tàbí ẹ fi ìka fà á sókè, orúkọ yóò tò jáde, àkókò sì wà lábẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan. Ibí ni ọ̀rọ̀ ti máa ń di àsọtẹ́lẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ á ní ẹni tó bá wà lókè ni ẹni tó ń ronú rẹ jù. Oníṣòwò á ní ẹni tó wà lókè ni ọ̀tá tó ń ṣọ́ òun.

Lórí WhatsApp, ẹni tó wò ó kẹ́yìn ló máa ń wà lókè, ẹni tó kọ́kọ́ wò ó ló wà nísàlẹ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ wo irú òwúrọ̀ yìí. Bọ̀ọ̀dá gbé iye jáde ní aago 7. Ìyàwó rẹ̀ wò ó ní 7:02, àgbẹ̀ kan ní 7:15, òmíràn ní 7:40, ọ̀kan nínú àwọn olùra mẹ́rin yẹn, ẹni tó gbàgbé láti yọ, sì wò ó ní 8:05. Bó bá ṣí i ní 8:06, orúkọ ọkùnrin yìí ló wà lórí gbogbo wọn, àyà rẹ̀ á já. Bí àgbẹ̀ mìíràn bá wò ó ní 8:10, ọkùnrin náà á bọ́ sí ipò kejì. Nígbà tó bá fi di ọ̀sán, yóò ti wà láàárín ibi tí ẹnikẹ́ni kì í wò. Nítorí náà, àkókò abẹ́ orúkọ ni kí ẹ máa kà. Ipò nìkan kò sọ nǹkan kan fún yín. Kò tilẹ̀ sọ iye ìgbà tí ẹnì kan wò ó, nítorí ẹni tó wò ó lẹ́ẹ̀kan àti ẹni tó wò ó lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, orúkọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ní.

Orúkọ míràn máa ń pẹ́ dé. Fóònù lè ti gba àwòrán wọlé nígbà tí àgbẹ̀ wà nílé, kó wá ṣí i lóko níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí. Ìròyìn pé ó ti wò ó kò lè kúrò lórí fóònù rẹ̀ àfi tó bá tún bọ́ síbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà. Bí orúkọ rẹ̀ bá wá yọ ní ìrọ̀lẹ́, ẹ má fi bínú pé kò ka iye yín láàárọ̀.

Àwọn kan sì wà tí orúkọ wọn kò ní yọ láé. Nínú "Privacy" kan náà, ohun kan wà tí wọ́n ń pè ní "Read receipts". Ẹni tó bá pa á lè wo sítátọ́ọ̀sì gbogbo èèyàn, kò sì ní hàn pé ó wò ó. Òun náà kò ní rí orúkọ àwọn tó wo tirẹ̀. Ohun tó fi san án nìyẹn. Fún oníṣòwò, pípa á jẹ́ fífọwọ́ fọ́ ojú ara ẹni, nítorí orúkọ àwọn tó wo iye lẹ óò fi mọ ẹni tí ẹ máa pè. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé olùra kan lè ti pa tirẹ̀. Tí ẹ kò bá rí orúkọ rẹ̀, kò túmọ̀ sí pé kò wò ó.

Ẹ má sì gbé òfin WhatsApp lọ sí Instagram. Níbẹ̀, bí àwọn tó wo nǹkan bá ti pọ̀, wọn kì í to orúkọ nípa àkókò nìkan. Ní 2018, ọ̀kan nínú àwọn adarí iṣẹ́ ní Instagram ṣàlàyé fún àwọn oníròyìn pé ìṣe ẹni tó ni àwòrán náà fúnra rẹ̀, àti àwọn tó sún mọ́ ọn jù, ni wọ́n fi ń to orúkọ náà, pé kì í ṣe ẹni tó ń ṣọ́ ọ jù ló ń wà lókè. Ẹni tí ẹ máa ń bá sọ̀rọ̀ tí ẹ sì máa ń wo ojú ìwé rẹ̀ lè jókòó sókè lójoojúmọ́ láìjẹ́ pé ó ṣe nǹkan kan. Ẹ̀yin lẹ gbé e síbẹ̀.

Ó ku ọ̀nà tí iye fi ń jò. Ẹnikẹ́ni tó bá rí sítátọ́ọ̀sì yín lè ya ojú fóònù rẹ̀, WhatsApp kò sì ní sọ fún yín. Àgbẹ̀ kan lè rí iye, kó yà á, kó gbé e lọ bá olùra kejì pé, "Ohun tí wọ́n ń san ní Aládé rè é, ṣé ẹ lè fi kún un?" Kò ṣe ohun tó burú, ó ń wá ọjà rẹ̀ tà ni. Olùra náà sì lè ti fún ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ní síìmù kan, kí ọmọ náà pe bọ̀ọ̀dá wa bíi pé òun ní kòkó, kí bọ̀ọ̀dá tọ́jú nọ́ńbà rẹ̀, kó sì fọwọ́ ara rẹ̀ fi í sáàárín àwọn tó ń rí i. Bí orúkọ kan bá wà tó ń wo iye láràárọ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ àsìkò, tí ẹni tó ni ín kò tíì gbé àpò kan wá rí, ẹ pè é kí ẹ bi í ibi tí oko rẹ̀ wà.